Adájọ́ kan ṣoṣo, ìtumọ̀ òfin lóríṣiríṣi: ta ló máa là á yé mi?

Ọmọ_Kíláàsì

Ẹ kú ìjókòó o. Wọ́n kọ́ wa ní ìlànà mẹ́ta tí adájọ́ fi ń túmọ̀ òfin, àwọn tí olùkọ́ wa ń pè ní lítírà, gódìn àti pọ́pósífù, ìyẹn ti ọ̀rọ̀ gangan, ti oníwúrà àti ti ohun tí òfin ń lé. Mo mọ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Èyí tí kò yé mi ni bí adájọ́ ṣe ń mọ èyí tó kàn láti lò. Nínú ẹjọ́ ọ̀bẹ inú fèrèsé ní Bristol, ọ̀rọ̀ gangan ni wọ́n tẹ̀ lé, ọlọ́jà bá jàre. Nínú ẹjọ́ àwọn aṣẹ́wó orí bákónì ní London, ohun tí òfin ń lé ni wọ́n tẹ̀ lé, wọ́n sì jẹ̀bi. Mo wá wo orúkọ adájọ́ àgbà tó gbọ́ wọn: Lọ́ọ̀dù Parker ni nínú méjèèjì, ọdún 1960 kan náà. Kí ló yí i lọ́kàn padà?

Agbẹjọ́rò_Lọ́la

Kò le rárá. Àkàbà ni. Ìlànà ọ̀rọ̀ gangan ni ẹsẹ̀ kìíní. Bí ọ̀rọ̀ bá ti ṣe kedere, adájọ́ á dúró síbẹ̀, àbájáde rẹ̀ ì báà korò. Bí àbájáde ọ̀hún bá wá jẹ́ ti wèrè, á gòkè sórí ìlànà oníwúrà, á tẹ ọ̀rọ̀ náà díẹ̀. Bí ìyẹn ò bá tún tó, á lọ bá ohun tí òfin ń lé.

Wo ẹjọ́ Whiteley àti Chappell ní 1868. Ọkùnrin kan fi orúkọ òkú dìbò. Òfin ní ẹ̀ṣẹ̀ ni kéèyàn ṣe bíi pé òun ni ẹlòmíràn tó ní ẹ̀tọ́ láti dìbò. Òkú ò ní ẹ̀tọ́ láti dìbò, wọ́n bá dá a sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ ṣe kedere, wọn ò kúrò lórí ẹsẹ̀ kìíní. Ó tán.

Ayékòótọ́

Bó bá jẹ́ àkàbà, kí ló dé tí wọn ò gun un nínú ẹjọ́ òkú yẹn? Òfin tó fẹ́ dá àwọn tó ń jí orúkọ dìbò lọ́wọ́ kọ́, kò wá lè mú ẹni tó jí orúkọ òkú. Bẹ́ẹ̀ orúkọ òkú ló rọrùn jí jù, ẹni tó ni ín ò lè wá pariwo. Bí ìyẹn ò bá ṣe ti wèrè, kí ni wèrè?

Èmi ò fi bò: adájọ́ ti mọ ilé tó ń lọ kó tó yan ọ̀nà. Orúkọ ìlànà tí wọ́n ń dá, aṣọ tí wọ́n fi ń bo ìpinnu ni.

Ìyá_Àbádòfin

Ọmọ_Kíláàsì, ìbéèrè rẹ dára ju ìdáhùn tí wọ́n fún ọ lọ. Agbẹjọ́rò_Lọ́la, má bínú sí mi. Ẹjọ́ òkú tí o mú wá ti já ẹsẹ̀ kan nínú àkàbà rẹ, gẹ́gẹ́ bí Ayékòótọ́ ṣe wí.

Iṣẹ́ tèmi ni kí n kọ àbádòfin sílẹ̀ kí wọ́n tó gbé e lọ síwájú ilé aṣòfin. Nítorí náà ẹjọ́ ọ̀bẹ yẹn, Fisher àti Bell, máa ń dun àwa tó ń kọ̀wé ju bó ṣe ń dun àwọn tó ń rojọ́ lọ. Ẹ jẹ́ kí n tú u palẹ̀, torí ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ kì í ṣe ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn rò.

Ní oṣù October 1959, ọlọ́pàá kan ń kọjá níwájú ìsọ̀ kan ní Bristol. Ó rí ọ̀bẹ kan nínú fèrèsé, irú èyí téèyàn máa tẹ bọ́tìnnì lára rẹ̀ kí ojú rẹ̀ tó ta yọ. Wọ́n fi páálí kékeré kan tì í tó sọ orúkọ ọ̀bẹ náà àti iye rẹ̀, ṣílè 4. Òfin tuntun lórí irú ọ̀bẹ bẹ́ẹ̀ ti jáde lọ́dún yẹn gan-an. Ó ní ẹni tó bá rọ ọ́, tó tà á, tó fi háyà, tó fi lọ èèyàn pé kó rà tàbí kó háyà, tó yá èèyàn, tàbí tó fi ta èèyàn lọ́rẹ, ti dẹ́ṣẹ̀. Ẹ fojú ka àwọn ọ̀rọ̀ ìṣe yẹn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọlọ́jà yìí ò tíì tà á fún ẹnikẹ́ni. Kò yáni, kò fi tọrẹ. Èyí kan ṣoṣo tí ọlọ́pàá lè fi dì í mú ni "fi lọ̀".

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti dojú rú. Nínú òfin àdéhùn, ẹni tó pàtẹ ọjà kò tíì fi ọjà lọ ẹnikẹ́ni. Ó ń pe èèyàn wá ná an ni. Oníbàárà ló máa wọlé táá ní òun fẹ́ rà, òun gan-an ló fi owó lọ ọlọ́jà, ọlọ́jà sì lẹ́tọ̀ọ́ láti ní òun ò tà. Pípàtẹ yàtọ̀ sí fífilọ̀, fífilọ̀ sì yàtọ̀ sí títà.

Wàyí o, wọ́n máa ń sọ pé Lọ́ọ̀dù Parker tẹ̀ lé ìtumọ̀ tó wà létí gbogbo èèyàn. Rárá o. Bó bá jẹ́ ìtumọ̀ etí gbogbo èèyàn ni, ọlọ́jà ì bá jẹ̀bi. Kò sẹ́ni tó máa rí ọ̀bẹ tí wọ́n lẹ iye mọ́ nínú fèrèsé tí kò ní ní wọ́n fi lọ òun. Adájọ́ náà fúnra rẹ̀ jẹ́wọ́ pé bí òun ṣe kọ́kọ́ gbọ́ ọ, ó jọ ọ̀rọ̀ tí kò lórí tí kò nídìí lójú òun. Ìtumọ̀ méjì ni ọ̀rọ̀ náà ní, ti ojú títì àti ti amòfin. Ti amòfin ló mú. Nítorí kí ni?

Nítorí pé ó yẹ àwọn òfin mìíràn wò. Nínú òfin púpọ̀ tí ilé aṣòfin kan náà ti ṣe, nígbà tí wọ́n bá fẹ́ mú ẹni tó kàn pàtẹ, wọ́n máa ń kọ ọ́ jáde ní kedere: "fi lọ̀ tàbí pàtẹ fún títà." Wọ́n mọ ọ̀rọ̀ náà, ó wà lẹ́nu wọn, wọn ò sì kọ ọ́ sínú òfin ọ̀bẹ. Bí adájọ́ bá wá fi "pàtẹ" kún un, ó ti kúrò nídìí ìtumọ̀, ó ti jókòó sídìí àwọn aṣòfin. Lọ́ọ̀dù Parker yá ọ̀rọ̀ líle kan lò tí Lọ́ọ̀dù Simonds ti sọ nínú ẹjọ́ mìíràn, pé irú ìyẹn jẹ́ jíjá iṣẹ́ aṣòfin gbà ní gbangba. Àwọn aṣòfin gbọ́. Ní 1961 wọ́n tún òfin náà ṣe, wọ́n fi ẹni tó pàtẹ ọ̀bẹ bẹ́ẹ̀ àti ẹni tó ní i lọ́wọ́ láti tà á sínú rẹ̀.

Àwa tó ń kọ àbádòfin la jẹ̀bi ẹjọ́ yẹn, bí ẹ bá bi mí.

Ayálégbé_Yàrá_Kejì

Ẹ ṣeun mà. Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ yìí kan mi gan-an. Ìwé tí mo fọwọ́ sí nígbà tí mo gba ilé sọ pé n kò gbọdọ̀ sin ẹran kankan nínú ilé. Ẹja 4 ni mo ní, inú agolo gíláàsì ni wọ́n wà, wọn ò gbó, wọn ò ké. Onílé ní kí n kó wọn jáde, pé ẹja náà ẹran ni. Ṣé bí mo bá gbé e lọ sílé ẹjọ́, ìlànà oníwúrà ni adájọ́ máa lò àbí ti ohun tí òfin ń lé? Torí ariwo àti ìdọ̀tí ni òfin yẹn ń lé, ẹja mi ò sì ṣe ìkankan.

Bàbá_Akọ̀wé_Kóòtù

Ayálégbé, ọmọ mi, òfin kọ́ nìyẹn. Ìwé àdéhùn ni. Ilé aṣòfin ò jókòó lórí ẹja rẹ. Ohun tí adájọ́ máa béèrè nínú ìwé àdéhùn ni ohun tí ìwọ àti onílé jọ fẹnu kò sí, bí ẹnìkan tó mọ ọ̀rọ̀ yín ṣe máa kà á. Ó fara jọ ohun tí à ń sọ, àmọ́ ẹ má ṣe pò ó pọ̀. Lọ ka ìwé náà tán, láti òkè dé ìsàlẹ̀, kó o padà wá.

Ọmọ_Kíláàsì, mo lo ọdún púpọ̀ ní kóòtù, tí mò ń kọ ohun tí wọ́n ń sọ sílẹ̀, mo sì gbọ́ tí àwọn agbẹjọ́rò ń pe ẹjọ́ àwọn obìnrin bákónì yẹn, Smith àti Hughes, bí ẹni ń pe orúkọ òrìṣà. Òfin òpópónà ti 1959 ní ẹ̀ṣẹ̀ ni kí aṣẹ́wó máa rìn gbéregbère tàbí kó máa pe ọkùnrin ní òpópónà tàbí ní gbangba. Àwọn obìnrin wọ̀nyí ò sí ní òpópónà. Orí bákónì ni ọ̀kan wà, ẹ̀yìn fèrèsé ni àwọn mìíràn wà, wọ́n ń kan gíláàsì, wọ́n ń ju ọwọ́ sí àwọn ọkùnrin tó ń kọjá nísàlẹ̀. Agbẹjọ́rò wọn ní ẹsẹ̀ wọn ò kan òpópónà. Òótọ́ ló sọ.

Lọ́ọ̀dù Parker ní gbogbo ayé mọ ohun tí wọ́n torí rẹ̀ ṣe òfin yẹn: kí èèyàn lè rìn ní òpópónà láìsí ẹni tó ń yọ ọ́ lẹ́nu. Ó ní ibi tí obìnrin dúró sí kò jámọ́ nǹkan, bí ìpè tó ń pè bá ti ń bọ́ sórí ẹni tó wà ní òpópónà. Wọ́n jẹ̀bi.

Àwọn èèyàn máa ń kọ ọ́ pé ìlànà ohun tí òfin ń lé nìyí. Lójú àwọn àgbà, orúkọ rẹ̀ àtijọ́ ni ìlànà àléébù, tó ti wà láti ẹjọ́ Heydon ní 1584: kí ni òfin ò rí mú tẹ́lẹ̀, àléébù wo ni òfin tuntun wá wò sàn? Ti òde òní gbòòrò jù ú lọ, àmọ́ ìdílé kan náà ni wọ́n.

Ayékòótọ́

Bàbá, ẹ ṣeun, àmọ́ ẹ ti fún mi ní ẹgba tí mo máa fi na yín. Òfin ìyà ni méjèèjì, ti ọ̀bẹ àti ti òpópónà. Wọ́n kọ́ wa pé bí òfin ìyà bá ní ìtumọ̀ méjì, èyí tó gba olùjẹ́jọ́ là ni kí wọ́n mú. Ọlọ́jà jẹ nínú ẹ̀bùn yẹn. Àwọn obìnrin ò jẹ níbẹ̀. Ṣé ọ̀bẹ ló ṣe pàtàkì tó bẹ́ẹ̀, àbí ojú tí wọ́n fi ń wo aṣẹ́wó nígbà yẹn ló ṣiṣẹ́?

Ìyá_Àbádòfin

Mi ò lè búra pé ojú yẹn ò ṣiṣẹ́. Adájọ́ náà èèyàn ni. Àmọ́ jẹ́ ká wo ọ̀rọ̀ inú òfin ṣáájú ká tó wo ọkàn ẹnikẹ́ni.

"Kó máa pe ọkùnrin ní òpópónà." Níbo ni ìpè ti ń ṣẹlẹ̀? Bí mo bá dúró lókè tí mo ju òkúta lu ẹ lórí nísàlẹ̀, ṣé òkè ni mo ti lù ọ́ àbí ìsàlẹ̀? O lè sọ ọ́ lọ́nà méjèèjì, èdè ò sì ní bínú sí ọ. Adájọ́ ò fi ọ̀rọ̀ kankan kún òfin òpópónà. Ó kàn yan ọ̀kan nínú ohun méjì tí ọ̀rọ̀ náà lè gbé. Nínú ti ọ̀bẹ, ọ̀rọ̀ ìṣe kan ló sọnù pátápátá, ohun tí wọ́n sì ní kó ṣe ni pé kó fi í síbẹ̀. Èyí tí mo máa ń bi ara mi nígbà tí mo bá ń ka irú ẹjọ́ yìí nìyẹn: bí mo bá fẹ́ kó jẹ̀bi, ṣé ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ lè gbé e, àbí mo ní láti mú bírò?

Lórí ti ìtumọ̀ tó gba olùjẹ́jọ́ là: lóòótọ́ ni, àmọ́ ẹ̀yìn tí adájọ́ bá ti lo gbogbo ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ tí iyèméjì sì ṣẹ́ kù ló máa ń dé. Nínú ti òpópónà, Lọ́ọ̀dù Parker ò gbà pé iyèméjì kankan ṣẹ́ kù.

Agbẹjọ́rò_Lọ́la

Mà, mo gbà lórí ọ̀bẹ. Àmọ́ ẹ ò tíì fọwọ́ kan ìlànà oníwúrà, ibẹ̀ sì ni àkàbà mi ti ń fẹsẹ̀ múlẹ̀. Lọ́ọ̀dù Parker yín kan náà, ní 1964, ẹjọ́ Adler àti George. Ọkùnrin kan wọ inú ibùdó ọmọ ogun òfuurufú ní Marham, ó sì dí ọmọ ogun tó ń ṣọ́ ibẹ̀ lọ́wọ́. Òfin àṣírí ìjọba ti 1920 ní ẹ̀ṣẹ̀ ni kéèyàn dí wọn lọ́wọ́ "ní ìtòsí" ibi èèwọ̀. Ọkùnrin yìí ní òun ò sí nítòsí, òun wà nínú rẹ̀! Ẹni tó wà nínú ilé, a kì í ní ó wà nítòsí ilé.

Ẹ ò rí i? Ó kọ́kọ́ ka ọ̀rọ̀ gangan, ó rí i pé ti wèrè ni kí ẹni tó dúró síta jẹ̀bi kí ẹni tó wọ inú lọ jàre. Ó wá gòkè sí ẹsẹ̀ kejì, ó kà á bíi "nínú tàbí ní ìtòsí." Àkàbà!

Ayékòótọ́

Haha. "Nínú tàbí." Ìyá, bírò nìyẹn! Ta ló mú un wá?

Ìyá_Àbádòfin

O mú mi. Mo ti ń retí rẹ.

Lọ́ọ̀dù Parker fúnra rẹ̀ mọ̀ pé wọ́n á bi òun, ìdí nìyẹn tó fi sọ pé kíka ọ̀rọ̀ náà bẹ́ẹ̀ kò ṣe èdè níkà. Lójú tirẹ̀, ìtòsí ibì kan lè gba ibẹ̀ gan-an mọ́ra, bó o ṣe lè sọ pé òjò rọ̀ ní agbègbè kan kó o má ní i lọ́kàn pé àárín rẹ̀ gbẹ. Ó tọ́ díẹ̀. Kò tọ́ tán. Bí mo bá jẹ́ agbẹjọ́rò ọkùnrin yẹn, èmi náà á jà á.

Àmọ́ wo ohun méjì tó ya ti ibùdó sọ́tọ̀ kúrò lára ti ọ̀bẹ. Èkíní, kò sí ẹni tó lè fi òfin mìíràn hàn án níbi tí aṣòfin ti fi ìmọ̀ọ́mọ̀ yọ ẹni tó wà nínú sílẹ̀. Èkejì, wo ohun tó máa ṣẹ́ kù nínú òfin bí o bá ka ọ̀rọ̀ gangan. Òfin ọ̀bẹ ṣì ń ṣiṣẹ́ láìsí ẹni tó pàtẹ: ẹni tó rọ ọ́, ẹni tó tà á, ẹni tó fi tọrẹ, gbogbo wọn ṣì wà lábẹ́ rẹ̀. Ó jò ni, kò bàjẹ́. Ti ibùdó, bí o bá yọ inú kúrò, o ti yọ ibi tí ewu wà jù, o sì fi etí rẹ̀ sílẹ̀. Òfin náà dojú dé. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín òfin tó jò àti òfin tó dojú dé, èmi gbà pé ibẹ̀ ni ìlànà oníwúrà ń gbé. Ohun tí kò bára mu lásán, tàbí tó kàn ń bíni nínú, kò tó o.

Agbẹjọ́rò_Lọ́la, ṣé o rí i pé kò sí àkàbà níbẹ̀? Ọ̀rọ̀, àwọn òfin tó yí i ká àti àbájáde, lẹ́ẹ̀kan náà ni adájọ́ ń wo gbogbo wọn. Orúkọ ìlànà la máa ń fi lé e lẹ́yìn ìgbà tó bá ti kọ̀wé tán, kí akẹ́kọ̀ọ́ lè rí nǹkan kọ́ sórí.

Bàbá_Akọ̀wé_Kóòtù

Ìyá, ibì kan wà tí mi ò bá yín dé. Ẹ ń sọ bíi pé oníwúrà kì í wá àyàfi tí ọ̀rọ̀ bá lè tẹ̀. Ẹjọ́ Sigsworth, 1935 ńkọ́? Ọmọ pa ìyá rẹ̀, òfin ogún sì ní ọmọ ni kó jogún. Ọ̀rọ̀ "ọmọ" ò ní ìtumọ̀ méjì. Ọmọ rẹ̀ ni. Síbẹ̀ adájọ́ ní apànìyàn ò ní jogún ẹni tó pa. Kò sí èdè tó tẹ̀ níbẹ̀, wọ́n kàn kọ̀ jálẹ̀ ni.

Ìyá_Àbádòfin

Òótọ́ lẹ sọ, bàbá. Ìyẹn ni mo máa ń yà sọ́tọ̀. Ìlànà àtijọ́ pé kí ẹnikẹ́ni má jèrè ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ ti wà nílẹ̀ kí òfin ogún náà tó dé, adájọ́ sì ní aṣòfin ò lè ní i lọ́kàn láti fọ́ ọ láìsọ ọ́ jáde. Ṣé ìtumọ̀ la máa pe ìyẹn, àbí nǹkan mìíràn? Èmi àti yín lè jókòó lórí ẹ̀ títí ilẹ̀ á fi mọ́.

Ọmọ_Kíláàsì

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin àgbà. Ẹ jẹ́ kí n béèrè ọ̀kan sí i. Olùkọ́ wa ní ayé ti yí, pé ohun tí òfin ń lé ni àwọn adájọ́ ń wò báyìí. Ṣé bí wọ́n bá gbé ọ̀bẹ yẹn wá lónìí, ọlọ́jà á jẹ̀bi?

Ìyá_Àbádòfin

Olùkọ́ rẹ ò purọ́. Ẹjọ́ tí mo máa fi hàn ọ́ ni ti Quintavalle, 2003, níwájú ilé ẹjọ́ àwọn Lọ́ọ̀dù.

Òfin ti 1990 lórí ọlẹ̀ ènìyàn sọ pé ọlẹ̀ ni ohun alààyè "níbi tí ìdàpọ̀ àtọ̀ àti ẹyin ti parí." Lọ́dún yẹn, kò sí ọ̀nà mìíràn tí ẹnikẹ́ni mọ̀ tí ọlẹ̀ ènìyàn fi lè wáyé. Lẹ́yìn ìyẹn ni àwọn onímọ̀ fi àgùntàn Dolly hàn pé èèyàn lè yọ àárín ẹyin kúrò, kó fi àárín sẹ́ẹ̀lì mìíràn sí i, kó sì di ọlẹ̀ láìsí àtọ̀ rárá. Ẹgbẹ́ kan wá sọ pé kò sí ìdàpọ̀ kankan nínú irú ọlẹ̀ yìí, nítorí náà òfin ò kàn án. Ilé ẹjọ́ àkọ́kọ́ gbà fún wọn. Ọ̀rọ̀ gangan! Ìjọba fi ìbẹ̀rù sáré ṣe òfin pàjáwìrì ní 2001 kí ẹnikẹ́ni má bàa gbìyànjú àtidá odindi ènìyàn lọ́nà yẹn.

Nígbà tó dé òkè, Lọ́ọ̀dù Bingham ní rárá. Iṣẹ́ tí gbólóhùn ìdàpọ̀ yẹn ń ṣe ni láti sọ ìgbà tí ohun náà di ọlẹ̀. Kì í ṣe láti ya ọlẹ̀ kan kúrò lára èkejì gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe dá a. Ohun tí aṣòfin ń lé ni pé kí ọlẹ̀ ènìyàn tó wà láàyè lóde ara má wà láìsí àkóso. Ọlẹ̀ tuntun yìí jẹ́ ọlẹ̀ ènìyàn alààyè bíi ti ìṣáájú. Ó bọ́ sábẹ́ òfin.

Àmọ́ gbọ́ ààlà tó là sílẹ̀, torí òun lẹ̀ ń gbàgbé nígbà tí ẹ bá ń yọ̀ mọ́ ìlànà yìí. Ó ní bí òfin bá sọ̀rọ̀ nípa ajá, ó lè mú ẹranko tí wọn ò kà sí ajá nígbà tí wọ́n ṣe òfin tí wọ́n sì ń kà á sí ajá báyìí. Kò lè mú ológbò láé, bí ológbò bá tiẹ̀ ń ṣe ohun kan náà tí wọ́n torí rẹ̀ ṣe òfin ajá.

Ọ̀bẹ rẹ wàyí. Lójú tèmi, ológbò ni pípàtẹ. Ó yàtọ̀ sí fífilọ̀, àwọn aṣòfin sì mọ orúkọ rẹ̀. Mo rò pé ọlọ́jà á tún jàre.

Agbẹjọ́rò_Lọ́la

Mi ò gbà, mà. Lónìí wọ́n lè ṣí àkọsílẹ̀ ohun tí wọ́n sọ nínú ilé aṣòfin. Láti ìgbà ẹjọ́ Pepper àti Hart ni ilẹ̀kùn yẹn ti ṣí. Bí mínísítà bá dìde nílé aṣòfin tó ní àwọn fẹ́ kí ọ̀bẹ wọ̀nyí kúrò nínú ìsọ̀, ó parí.

Bàbá_Akọ̀wé_Kóòtù

Rọra o. Ilẹ̀kùn yẹn ní kọ́kọ́rọ́. Ẹjọ́ owó orí ni, àwọn olùkọ́ ilé ìwé kan tí ọmọ wọn ń san owó díẹ̀ níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ òfin gbọ́dọ̀ rú èèyàn lójú tàbí kó já sí ti wèrè, ẹni tó gbé àbádòfin wá ló gbọ́dọ̀ sọ ọ̀rọ̀ ọ̀hún, ohun tó sọ sì gbọ́dọ̀ ṣe kedere. Mo ti rí agbẹjọ́rò tó ru àkọsílẹ̀ bí ẹrù igi wọ kóòtù, tí adájọ́ ní kó rù ú padà síta torí pé mínísítà náà kàn ń yí ọ̀rọ̀ ká ni.

Ayékòótọ́

Ìyá, ta ló wá sọ fún wa pé pípàtẹ jẹ́ ológbò? Lójú ẹni tó ń kọjá níwájú fèrèsé, ajá ni. Ẹ̀yin amòfin lẹ sọ ọ́ di ológbò.

Ìyá_Àbádòfin

Ìyẹn náà wà ńbẹ̀. Mi ò ní jà á.

Ayálégbé_Yàrá_Kejì

Bàbá, mo ti ka ìwé náà dé ìsàlẹ̀ bí ẹ ṣe ní. Kì í ṣe "ẹran kankan" ni wọ́n kọ o, èmi ni mo gé e kúrú. Ohun tó wà níbẹ̀ ni "ajá, ológbò, adìyẹ, ewúrẹ́ tàbí ẹran mìíràn." Ṣé ìyẹn yí nǹkan padà?

Ìyá_Àbádòfin

Ó yí i padà gan-an! Nígbà tí wọ́n bá ka irú kan sílẹ̀ tẹ̀ léra, tí wọ́n wá fi "mìíràn" parí rẹ̀, irú tó jọ àwọn tó ṣáájú ni wọ́n sábà máa ń kà á sí. Bákan náà ni nínú òfin àti nínú ìwé àdéhùn. Gbogbo àwọn tó wà lókè yẹn ló ń fẹsẹ̀ rìn nínú ilé, tó ń pariwo, tó ń yàgbẹ́ sílẹ̀. Onílé ṣì lè jà á, àmọ́ o ti rí ẹsẹ̀ dúró lé.

Bàbá_Akọ̀wé_Kóòtù

Àti àárọ̀ ni a ti ń pariwo lórí ẹja, ó gbé ìdajì ìwé sápò. Ayálégbé, ṣé ó dájú pé kò sí ojú ìwé mìíràn?

Ayálégbé_Yàrá_Kejì

Ẹ̀yìn rẹ̀ wà o, sà. Lẹ́tà rẹ̀ kéré ni. Ẹ jẹ́ kí n tan iná.